Fáìlì oníbàárà mìíràn ni mo so mọ́ ímeèlì, mo sì tún ṣi orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ

Akọ̀wé_Tuntun (aago 9:40 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Ní aago 8:15 àárọ̀ yìí, mo fi ìwé iye owó ránṣẹ́ sí oníbàárà wa kan. Ènìyàn 4 ni mo kọ ọ́ sí, mo sì fi ọ̀gá mi àti ẹnì kan ní ẹ̀ka ìṣírò owó wa sí `Bcc`. Nígbà tí mo pa dà wò ó, mo rí i pé ìwé iye owó tí a ṣe fún oníbàárà mìíràn ni mo so mọ́ ọn. Nínú ọ̀rọ̀ tí mo kọ pàápàá, lẹ́tà `s` kan ṣoṣo ni mo fi sí orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ méjì ló yẹ kó jẹ́. Kò tíì sí ẹni tó fèsì. Ṣé kí n fa ímeèlì náà pa dà ni, àbí kí n kọ òmíràn? Kí ni kí n sì sọ nínú rẹ̀?

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà (aago 9:46 àárọ̀)

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Bó bá jẹ́ Outlook lẹ ń lò, ẹ lọ sínú `Sent Items`, ẹ ṣí ìwé náà sí ojú fèrèsé tirẹ̀, ẹ tẹ `File`, kí ẹ wá tẹ `Resend or Recall`, ibẹ̀ lẹ ó ti rí `Recall This Message`. Ìwé náà yóò kúrò nínú àpótí wọn bí ẹni pé kò débẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ Gmail, `Undo` ni tiyín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe é níbi iṣẹ́ wa, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé mo kọ ohunkóhun. Ẹ ṣe é kíákíá kí wọ́n tó ṣí i.

Ìyá_Ọ́fíìsì (aago 9:58 àárọ̀)

Ọmọ Kọ̀ǹpútà, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, àmọ́ ibi tí o parí rẹ̀ sí yẹn lè kó akọ̀wé yìí sí wàhálà kejì. Ohun tó mú kí `Recall This Message` ṣiṣẹ́ fún ọ ni pé inú ilé-iṣẹ́ kan náà ni ìwọ àti àwọn tí o kọ̀wé sí wà, ẹ̀rọ kan náà ló sì ń tọ́jú ímeèlì gbogbo yín. Bí ìwé bá ti kúrò nílé tó sì dé orí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀dà tiwọn ti wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sí àṣẹ tí Outlook tìrẹ lè pa fún ẹ̀rọ tiwọn. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé wọn yóò tún rí ìwé kékeré kan tó ń sọ fún wọn pé o fẹ́ gba ti àkọ́kọ́ pa dà, ẹni tí kò sì tíì ronú àtika ti àkọ́kọ́ yóò wá sáré lọ ṣí i láti wo ohun tí o ń fi pa mọ́. Mo ti rí èyí lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ti Gmail kò tilẹ̀ jọ ọ́ rárá. Ìṣẹ́jú-àáyá 5, 10, 20 tàbí 30 ni èèyàn lè yàn nínú ètò rẹ̀, ohun tí Gmail sì ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn ni pé ó di ìwé náà mú, kò tíì fi ránṣẹ́. Kò fa nǹkan kan pa dà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà á. Láti aago 8:15 títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ `Undo` ti kọjá.

Akọ̀wé, dá mi lóhùn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: ṣé fáìlì gan-an lo so mọ́ ìwé náà, àbí líǹkì sí ibi tí fáìlì wà lórí Drive tàbí OneDrive? Bó bá jẹ́ líǹkì ni, lọ gba àyè kúrò lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ báyìí, kí o tó ka ohun tó kù tí mo kọ. Nígbà mìíràn èèyàn kì í mọ̀ pé líǹkì ni òun fi ránṣẹ́, nítorí bí fáìlì bá ti ju 25 MB lọ, Gmail fúnra rẹ̀ máa ń gbé e sórí Drive, á sì fi líǹkì rọ́pò rẹ̀. Líǹkì nìkan ni ohun tí èèyàn lè sé mọ́ ẹni tó gbà á, ìyẹn náà sì jẹ́ bí ẹni náà kò bá tíì gba fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Akọ̀wé_Tuntun (aago 10:02 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, Mà. Fáìlì gan-an ni, PDF tí kò tó 1 MB. Kì í ṣe líǹkì.

Dá_Iṣẹ́_Sílẹ̀ (aago 10:05 àárọ̀)

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo fi orúkọ ilé-iṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, lẹ́tà kan ló yí nínú ìwé ẹ̀rí. Ẹ má fi ímeèlì lásán ṣe é o. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún àtúnṣe orúkọ, àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ yóò fọwọ́ sí i, ẹ ó sì san owó rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí ilé ìfowópamọ́ kò ní ṣí àkáǹtì fún yín bí orúkọ kò bá bára mu.

Ìyá_Ọ́fíìsì (aago 10:19 àárọ̀)

Dá Iṣẹ́ Sílẹ̀, ẹ kú ìnáwó ìgbà yẹn, àmọ́ orúkọ tí ìjọba mọ̀ kò yí níhìn-ín. Akọ̀wé ló ṣì í kọ nínú ìwé tirẹ̀.

Akọ̀wé, bí àpèjọ kan kò bá dí ọ lọ́wọ́, gbé fóònù kí o tó kọ ohunkóhun. Nínú àwọn ènìyàn 4 yẹn, ẹnì kan á wà tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Pe ẹni yẹn, kí o sọ gbólóhùn méjì péré: fáìlì tó wà nínú ìwé àárọ̀ yìí kì í ṣe tiwọn, kí wọ́n má ṣí i, èyí tó tọ́ ń bọ̀ kó tó tó wákàtí kan. Ìpè yẹn ló lè dá ìwé náà dúró kí wọ́n tó ṣí i, nítorí ímeèlì àtúnṣe yóò kàn jókòó sórí ti àkọ́kọ́ nínú àpótí ni, ẹni tó bá sì ń ka ìwé láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè yóò kọ́kọ́ bá èyí tí kò tọ́ pàdé.

Lẹ́yìn ìpè, ṣí ìwé aago 8:15 náà nínú àwọn tí o ti fi ránṣẹ́, kí o sì tẹ `Reply all`. Má ṣe lo `Forward`. `Forward` máa ń gbé fáìlì tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ dání, bí o bá sì gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò, o ti tún fi ìwé iye owó oníbàárà kejì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé kí wọ́n má wò ó. `Reply all` kì í gbé e. Wo ààyè `To` dáadáa kí o tó fi ránṣẹ́, kí o rí i pé àwọn 4 pé síbẹ̀ àti pé kì í ṣe ìwọ fúnra rẹ nìkan lo ń fèsì fún. Àwọn tó wà ní `Bcc` ńkọ́? Má fọkàn tán an pé wọn yóò tẹ̀ lé e; fọwọ́ ara rẹ kọ wọ́n sí `Bcc` lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ìwé tí kò tọ́ yẹn ṣì ni ẹ̀ka ìṣírò owó yín ń wò.

Ní ti orúkọ, má ṣe tẹ̀ ẹ́ láti orí. Lọ sí ìsàlẹ̀ ímeèlì kan tí àwọn fúnra wọn kọ sí ọ, níbi tí wọ́n ń fi orúkọ àti ipò wọn sí, kí o dà á kọ láti ibẹ̀, pẹ̀lú `Ltd` tàbí `plc` tó wà ní ìparí rẹ̀, torí ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì.

Olùṣírò_Owó (aago 10:24 àárọ̀)

Kí n fi kún ọ̀rọ̀ Màmá, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni ìyọnu orúkọ máa ń parí sí. Orúkọ tí a ṣì kọ nínú ìkíni lásán, ojú tì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bó bá wà nínú ìwé àdéhùn tàbí ìwé tí wọn yóò fi san owó, ẹ̀ka ìṣírò owó wọn lè dá ìwé náà pa dà, torí orúkọ tó wà nínú ìwé wọn kò bá èyí tẹ́ ẹ kọ mu.

Bó bá sì jẹ́ ìwé ìbéèrè owó tó ní nọ́ńbà, ẹ má ṣe yí orúkọ rẹ̀ pa dà lábẹ́lẹ̀ kí ẹ fi nọ́ńbà kan náà ránṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìwé méjì tó ní nọ́ńbà kan, tí ọ̀rọ̀ inú wọn sì yàtọ̀, ni àwọn ayẹ̀wé-owó-wò máa ń fẹ́ gbọ́ àlàyé rẹ̀. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń kọ ìwé kan tó fagi lé ti àkọ́kọ́ pátápátá, a ó sì gbé tuntun jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Ti akọ̀wé yìí rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé iye owó ni. Kò tíì wọ inú ìwé ìṣírò ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé_Tuntun (aago 10:41 àárọ̀)

Mo ti pè wọ́n, Mà. Ẹni náà ní òun kò tíì débi iṣẹ́, pé òun yóò sọ fún àwọn tó kù. Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ nìyí, ẹ bá mi wò ó:

> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi rárá. Ojú tì mí púpọ̀ láti kọ ìwé yìí sí yín. Nínú ìkánjú mi ní òwúrọ̀ yìí, mo ṣèèṣì fi ìwé iye owó tí a ṣe fún oníbàárà wa mìíràn, tí wọ́n ń ra irú ọjà kan náà pẹ̀lú yín, ránṣẹ́ sí yín. Irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí, kò sì ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo tún kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín pẹ̀lú `s` kan dípò méjì. Ìwé tó tọ́ nìyí. Ẹ tún má bínú.

Ìyá_Ọ́fíìsì (aago 10:55 àárọ̀)

O ṣeun tí o mú un wá kí o tó fi ránṣẹ́. Ìwà rere wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá kà á kò ní mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe títí yóò fi dé gbólóhùn tó kángun sí ìparí, kódà níbẹ̀, o kò sọ pé kí wọ́n pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Èyí tó wá burú jù ni pé o sọ fún wọn pé iye owó ẹni tó ń bá wọn dù ọjà ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá ti ní í kà á tẹ́lẹ̀, wọn yóò kà á báyìí.

Báyìí ni èmi yóò ṣe kọ ọ́:

> Àkọlé: ÀTÚNṢE: ìwé iye owó ti aago 8:15 òwúrọ̀ òní
>
> Ẹ káàárọ̀ o.
>
> Fáìlì tí mo so mọ́ ìwé tí mo kọ sí yín ní aago 8:15 òwúrọ̀ òní kì í ṣe tiyín. Tiyín ni èyí tí mo so mọ́ ìwé yìí. Ojú ewé 3 ni, iye owó tó wà ní ojú ewé kejì rẹ̀ sì ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ sọ fún mi, kí n lè fi èyí tó tọ́ ránṣẹ́ sí ẹni náà fúnra mi.
>
> Mo tún ṣi orúkọ ilé-iṣẹ́ yín kọ nínú ìwé àárọ̀. Bó ṣe yẹ ni a kọ ọ́ nínú fáìlì yìí. Ẹ má bínú sí àṣìṣe méjèèjì.

Ṣàkíyèsí pé n kò tún àṣìkọ orúkọ náà kọ. Wọ́n mọ orúkọ wọn. Kí ni a tún ń fi `s` kan yẹn hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì sí? Bó bá jẹ́ iye owó lo ṣì kọ ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí n bá sọ: ìwọ yóò kọ iye àkọ́kọ́ àti iye tuntun síbi kan náà, torí ẹnì kan lè ti kọ ti àkọ́kọ́ sínú ìwé tirẹ̀, yóò sì ní láti mọ èyí tí yóò fagi lé. Mo tún sọ iye ojú ewé, kí ẹni tó bá ṣí fáìlì tó bá ojú ewé 5 mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ti àkọ́kọ́ ni òun ṣí. Ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan tó, ìparí ló sì ń gbé.

Agbàwé (aago 11:03 àárọ̀)

Òdìkejì odò ni èmi jókòó sí, èmi ni wọ́n máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Mo gbà pẹ̀lú Màmá lórí gbogbo rẹ̀ àfi àkọlé. Nínú Gmail, bí èèyàn bá ti yí àkọlé pa dà, ìwé náà kì í dúró pẹ̀lú àwọn ti ìṣáájú mọ́, á lọ dá wà lọ́tọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí mo bá ń wá ìwé iye owó, ìjíròrò àtijọ́ ni mo máa ṣí, fáìlì tí kò tọ́ ló sì máa wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó tako ó. Èmi yóò fi àkọlé sílẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé ni n óò fi ṣe ÀTÚNṢE.

Ohun kan tún wà tó ti ṣì mí lọ́nà rí. Ẹnì kan fi fáìlì tó tọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú orúkọ kan náà tí ti àkọ́kọ́ ní. Nígbà tí mo gbà á sílẹ̀, kọ̀ǹpútà mi fi `(1)` sí ìparí orúkọ rẹ̀, torí ti àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, èyí tí kò ní nọ́ńbà ni mo ṣí, mo sì fi iye owó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí orúkọ fáìlì pa dà, kí ọ̀rọ̀ `atunse` hàn nínú rẹ̀.

Ìyá_Ọ́fíìsì (aago 11:08 àárọ̀)

Ti orúkọ fáìlì, ẹnu rẹ dára, mo gbà. Ti àkọlé, n kò tíì gbà. Ẹni tó ní ìwé 80 nínú àpótí rẹ̀ kì í ka ìlà àkọ́kọ́, àkọlé ló ń kà. Kálukú mọ irú ènìyàn tó ń kọ̀wé sí.

Amòfin_Àtijọ́ (aago 11:15 àárọ̀)

Ẹ ti tọ́jú ẹni tó gba ìwé. Kò sẹ́ni tó tíì bèèrè ẹni tó ni ìwé tó jáde. Akọ̀wé, kí ló wà nínú fáìlì yẹn yàtọ̀ sí iye owó? Ṣé orúkọ ènìyàn, nọ́ńbà fóònù, tàbí àdírẹ́sì ilé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀?

Ìdí tí mo fi ń bèèrè ni pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà lè gbà. Bó bá jẹ́ iye owó láàárín ilé-iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ nìkan ni, àdéhùn tó wà láàárín yín àti oníbàárà kejì ni kí ẹ lọ kà, bóyá ẹ ti ṣèlérí pé ẹ kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn ẹlẹ́ran ara wà nínú rẹ̀, òfin ààbò ìsọfúnni lè dé ọ̀rọ̀ yín. Lábẹ́ GDPR ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti ìgbà tó ti mọ̀, láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí, àyàfi bó bá jọ pé ewu kankan kò ní tinú rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kì í ṣe akọ̀wé ni yóò pinnu ìyẹn, àmọ́ akọ̀wé ló gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí yóò pinnu, lónìí, kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà (aago 11:20 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Amòfin, ẹ má dẹ́rù bà á. Wọn yóò pa fáìlì náà rẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí ẹ bá sọ fún oníbàárà kejì, ẹ fọwọ́ ara yín ba iṣẹ́ jẹ́ ni.

Amòfin_Àtijọ́ (aago 11:26 àárọ̀)

Ta ló rí i nígbà tí wọ́n pa á rẹ́? Bí oníbàárà kejì bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kì í ṣe fáìlì ni wọn yóò máa bínú sí mọ́.

Akọ̀wé_Tuntun (aago 12:34 ọ̀sán)

Mo ti fi àtúnṣe ránṣẹ́. Àkọlé Màmá ni mo lò, mo sì yí orúkọ fáìlì sí `iye-owo-atunse.pdf` bí Agbàwé ṣe sọ. Mo ṣí i nínú ìwé náà gan-an kí n tó tẹ `Send`, orúkọ tọ́ nínú gbogbo ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iye owó àti orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ló wà nínú ti àkọ́kọ́, Ẹ̀gbọ́n Amòfin; kò sí orúkọ ènìyàn kankan.

Àmọ́ ọ̀kan nínú wọn fèsì báyìí pé nígbà tí òun ṣí fáìlì tuntun nínú Chrome, orúkọ oníbàárà kejì ló wà lókè, lórí táàbù. Mo wá a títí nínú ìwé náà, n kò rí i. Níbo ló wà?

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà (aago 12:41 ọ̀sán)

Èyí, mo mọ̀ ọ́n dájú. Ṣé ìwé oníbàárà kejì lẹ ṣí nínú Word, tẹ́ ẹ fi `Save As` sọ ọ́ di tiwọn, tẹ́ ẹ wá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pa dà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ló wà, kì í ṣe ojú rẹ̀. Fáìlì Word ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní `Title`, orúkọ fáìlì kọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í yí pa dà bí ẹ bá yí orúkọ fáìlì pa dà. Nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́ di PDF, ó bá a lọ, ohun tó sì máa ń hàn lórí táàbù nìyẹn bí wọ́n bá ṣí i nínú Chrome.

Ẹ ṣí èyí tó wà ní Word, ẹ tẹ `File`, kí ẹ tẹ `Info`. Lápá ọ̀tún ni ẹ ó ti rí `Title`. Ẹ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ tàbí kí ẹ kọ ti oníbàárà yìí sí i, ẹ wo `Author` náà, kí ẹ tún sọ ọ́ di PDF látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti lọ, ẹ fa PDF tuntun náà sínú Chrome fúnra yín kí ẹ wo táàbù. Bí ẹ bá wò ó nínú fódà nìkan, orúkọ fáìlì lẹ ó rí, yóò sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Akọ̀wé_Tuntun (aago 12:52 ọ̀sán)

Ibẹ̀ ló wà lóòótọ́! Ó ti lọ báyìí. Ṣé kí n tún wá fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta ránṣẹ́? Ojú ń tì mí o.

Agbàwé (aago 12:57 ọ̀sán)

Bó bá jẹ́ èmi, n kò ní fẹ́ ìwé kẹta sí gbogbo ènìyàn. Iye owó tọ́, orúkọ mi tọ́. Ẹni tó bèèrè yẹn nìkan ni kí ẹ fi tuntun ránṣẹ́ sí.

Ìyá_Ọ́fíìsì (aago 1:06 ọ̀sán)

Rárá o. Ìwé iye owó tó ní orúkọ oníbàárà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ ni wọn yóò tọ́jú, òun náà ni wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn. Fi ránṣẹ́ sí àwọn 4, ìlà méjì péré: ẹ lo èyí dípò ti aago 12, iye owó kò yí pa dà. Gbólóhùn "iye owó kò yí pa dà" ṣe pàtàkì, torí bí o kò bá sọ ọ́, ẹnì kan yóò tẹ ìwé méjèèjì jáde láti fi wéra. Kí o sì tó fi ránṣẹ́, fi fáìlì náà sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí o jẹ́ kí ẹlòmíràn tí kò bá ọ kọ ọ́ ṣí i. Àtúnṣe tó nílò àtúnṣe ni ó ń mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyè méjì nípa iye owó náà fúnra rẹ̀.

Dá_Iṣẹ́_Sílẹ̀ (aago 1:20 ọ̀sán)

Mo ti wá lóye báyìí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀. Ẹ bá mi wo èyí: àmì ohùn kò sí lórí orúkọ ilé-iṣẹ́ mi nínú ìwé ẹ̀rí, àmọ́ àwọn kan máa ń fi àmì sí i nígbà tí wọ́n bá kọ̀wé sí mi. Ṣé àṣìkọ ni?

Olùṣírò_Owó (aago 1:28 ọ̀sán)

Nínú ìkíni, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ó tilẹ̀ lè dùn mọ́ yín. Nínú ìwé owó àti àdéhùn, bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí ni kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń fi orúkọ wé orúkọ lè ka `o` àti `ọ` sí lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Akọ̀wé_Tuntun (aago 4:47 ìrọ̀lẹ́)

Kí n sọ bó ṣe parí lónìí. Mo fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta ránṣẹ́ ní aago 2:15, lẹ́yìn tí ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa ti bá mi ṣí i. Nítorí gbólóhùn Màmá, èyí tó ní kí wọ́n sọ fún mi bí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ọ̀kan nínú wọn fèsì pé kí òun tó gbọ́ ìpè mi, òun ti fi ti aago 8:15 ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìrajà wọn, ẹni karùn-ún tí n kò mọ̀ rí. Mo ti kọ̀wé sí ẹni náà tààrà, ó sì ti fèsì pé òun ti pa á rẹ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi, pẹ̀lú aago tí ohun kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀ àti orúkọ ẹni 5 tí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní kí n wá àdéhùn oníbàárà kejì jáde. Ojú ewé 14 ni, gbólóhùn ìpamọ́ sì wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò sọ bóyá iye owó wà lára ohun tí a gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ọ̀gá mi ní àwọn yóò sùn lé e lórí kí àwọn tó sọ bóyá a ó pe oníbàárà náà.